Lẹ́tà oníná oòrùn: ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan láti Sakété gbé lẹ́tà kan wá bá mi. Ẹni tó ń ta iná oòrùn ló pín in láti ojúlé dé ojúlé. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó o kàwé, bá mi wò ó, ṣé òótọ́ ni?" Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe lẹ́tà oníjìbìtì. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú rẹ̀ tó yẹ ká fi bíìrò wò dáadáa.

Ohun tí lẹ́tà náà sọ rèé. Ẹ san 400,000 fàráǹkì, a ó gbé páńẹ́lì kan tó jẹ́ 300 wáàtì wá, pẹ̀lú bátìrì olójé kan tí wọ́n kọ 12V 100Ah sí lára, régúlátọ̀ kan àti ínfátà kan. Gílóòbù mẹ́rin, fáànù kan àti tẹlifísọ̀n kan yóò ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láàárín ọdún kan, owó yín ti padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye iná tí ilé ìyá ń jẹ. Gílóòbù tiwọn jẹ́ wáàtì 7, mẹ́rin ni, wọ́n ń tan wákàtí márùn-ún: 7 lọ́nà 4 lọ́nà 5, ó jẹ́ 140. Tẹlifísọ̀n wáàtì 50 fún wákàtí mẹ́rin, 200. Fáànù wáàtì 45 láti alẹ́ di òwúrọ̀, wákàtí mẹ́jọ, 360. Ẹ fi 40 kún un fún fóònù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 740 lójúmọ́. Ẹ ṣe irú èyí fún ilé tiyín kẹ́ ẹ tó pe oníná kankan; iye wáàtì wà lára ohun èlò kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó tó ń padà. Bí ilé bá ń lo iná SBEE, 740 lójúmọ́ jẹ́ bíi kílówáàtì 22 lóṣù. Ká fi 125 fàráǹkì ṣírò kílówáàtì kan, ẹ wo ti yín lórí ìwé tẹ́ ẹ fi ra iná. Kò pé 2,800 fàráǹkì lóṣù. Ẹ fi pín 400,000: ọdún méjìlá gbáko! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bátìrì olójé kì í sábà lò ju ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Nítorí náà, ẹni tí iná SBEE rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ, tó fẹ́ ra páńẹ́lì kí owó iná rẹ̀ lè dínkù, kò ní í rí owó yẹn padà.

Níbo wá ni lẹ́tà ti rí ọdún kan? Jẹnẹrétọ̀ ni. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lè mu bí ìdajì lítà ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́rin lálẹ́, lítà méjì. Ẹ̀yin náà mọ bí epo pàyó ṣe gbówó lórí láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023. Ká ní lítà kan jẹ́ 600: 1,200 lálẹ́, 36,000 lóṣù. Oṣù mọ́kànlá sí méjìlá, 400,000 ti pé. Oníléẹ̀tà ò purọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀, kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ní tàwọn, bí alẹ́ mẹ́wàá lóṣù ni iná ń lọ. Ìyẹn jẹ́ 12,000, ó sì máa gbà tó ọdún mẹ́ta dín díẹ̀.

Ẹnìkan máa bi mí pé: ṣebí pápá páńẹ́lì ńlá wà ní Ìlúlọ́fin, ní Pobè wa níbí, mẹ́gáwáàtì 25, tí wọ́n ṣí ní 2022? Ó wà. Ṣùgbọ́n inú wáyà SBEE ni iná rẹ̀ ń gbà. Bí wáyà àdúgbò yín bá já, oòrùn Ìlúlọ́fin ò lè dé yàrá yín.

Ohun kejì ni bátìrì, ibẹ̀ ni lẹ́tà ti kọsẹ̀. 12 lọ́nà 100 jẹ́ 1,200. Ṣùgbọ́n a kì í lo bátìrì olójé kọjá ìdajì lójúmọ́, bí a bá fẹ́ kó pẹ́. 600 ló kù sílẹ̀ fún ìyá. Alẹ́ ni wọ́n ń lo gílóòbù, tẹlifísọ̀n àti fáànù, 700 sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n bá ń fà á bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, fáànù á dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, bátìrì náà á sì tètè kú. 150Ah ló máa tó wọn. Bó bá jẹ́ ti lítíọ́ọ̀mù, 100Ah náà tó, torí a lè lo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ìdá márùn-ún rẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju ti olójé lọ.

Páńẹ́lì tiẹ̀ tó. 300 wáàtì, oòrùn tó le dáadáa fún wákàtí mẹ́rin, ká yọ èyí tó ń ṣòfò nínú wáyà àti ooru, á fún wa ní nǹkan bí 840. Ṣé 300 lóòótọ́ ni, tàbí wọ́n kàn lẹ ìwé mọ́ ọn? Ẹ fi okùn ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Mítà kan lóròó, mítà kan níbùú, ó ń mú bíi 200 wáàtì wá, kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Páńẹ́lì 300 yóò fẹ̀ tó mítà kan àtààbọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá kéré sí i púpọ̀, ẹ má sanwó.

Tí wọ́n bá dé láti fi í sí i, kí wọ́n kọ́kọ́ wo òjìji. Ẹ má gbà kí wọ́n wò ó lọ́sàn-án nìkan. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀ àti láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ wò bóyá ọ̀pẹ tàbí igi máńgòrò ń bò ó. Ewé díẹ̀ tó bo apá kan lè dín iná gbogbo páńẹ́lì kù gidigidi. Kó dojú kọ gúúsù, kó sì dagun díẹ̀ kí òjò lè fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Kí àlàfo wà láàárín òun àti páánù, torí ooru ń dín iná kù.

Nínú ilé, wọ́n á kọ́kọ́ so bátìrì mọ́ régúlátọ̀, kí wọ́n tó so páńẹ́lì. Bí wọ́n bá ń tú u, páńẹ́lì ló kọ́kọ́ ń kúrò. Kí fíúsì wà lẹ́bàá bátìrì, kí wáyà tó lọ sí ínfátà nípọn, kó má sì gùn. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn wákàtí kan tó gbóná, ó kéré nìyẹn. Bátìrì olójé kì í gbé yàrá tí à ń sùn, afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rẹ̀ lè gbiná. Iná SBEE àti ti ínfátà ò sì gbọdọ̀ pàdé: bọ́tìnì ìyípadà, tó ń yan ọ̀kan nínú méjèèjì, gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tún wáyà ṣe lórí òpó lè kú.

Ìyá ti gbé ìṣirò yìí lọ bá oníná. Ó gbà láti fi 150Ah dípò 100Ah, owó ọ̀hún sì fi 45,000 ga sí i. Igi máńgòrò aládùúgbò ló kù báyìí. Ó ń ṣíji bo páánù láti aago mẹ́ta, onígi ò sì tíì gbà kí wọ́n gé ẹ̀ka kan.