Sẹ̀ǹtímítà Ta Ni Wọ́n Kọ Sára Bàtà Yìí?

Ọ̀pọ̀ wa ló ń ra bàtà ilé-ìwé lórí fóònù báyìí. Ẹsẹ̀ ò lè wọ inú fóònù, nítorí náà ohun tí onítajà kọ sábẹ́ àwòrán la máa fi mọ bàtà náà. Ẹ jẹ́ ká kà á pa pọ̀.

Bí wọ́n bá kọ “26.2 cm”, ó lè jẹ́ gígùn ẹsẹ̀ ẹni tí bàtà náà bá mu, ó lè jẹ́ gígùn inú bàtà, ó sì lè jẹ́ gígùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ìta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò dọ́gba rárá. Ẹ kọ́kọ́ bi onítajà pé èwo ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ẹsẹ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tí a bá ti rìn láti àárọ̀. Ẹ tẹ́ pépà sílẹ̀, ẹ fi gìgísẹ̀ ti ògiri, ẹ dúró dáadáa, kí ẹnì kan fi bírò sàmì sí ibi tí ìka tó gùn jù dé. Ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, èyí tó gùn jù ni kí ẹ lò.

Mo wọn ti àbúrò mi. Ẹsẹ̀ òsì jẹ́ 24.6, ọ̀tún jẹ́ 24.9. Mo fi sẹ̀ǹtímítà kan kún 24.9 kí ìka lè ráyè, ó di 25.9. Onítajà ní inú sáìsì 39 jẹ́ 25.5, ti 40 sì jẹ́ 26.2. Àárín méjèèjì ló bọ́ sí. A mú 40, torí pé awọ lè fẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n kì í gùn sí i. Bàtà náà ní okùn, a lè fún un, a sì lè fi ìtẹ́lẹ̀ tín-ínrín sínú rẹ̀. Ká ní kò ní okùn ni, gìgísẹ̀ ì bá máa yọ, ì bá sàn ká wá irú mìíràn.

Ní ti fífẹ̀, ẹ wọn ibi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù, nísàlẹ̀ àwọn ìka. Bí ẹsẹ̀ bá fẹ̀ jù, ẹ má kàn fo sáìsì méjì. Gígùn ni yóò pọ̀ jù. Bàtà tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ fífẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Ó ku ìsàlẹ̀ bàtà. Rọ́bà wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń di ilẹ̀ mú, ó sì máa ń pẹ́. EVA jẹ́ fóòmù, ó fúyẹ́, àmọ́ ó máa ń tẹ̀ pẹlẹbẹ bó bá yá. PU náà rọ̀ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ á jẹ ẹ́ títí á fi máa rún wẹ́wẹ́, bí wọn ò tiẹ̀ wọ̀ ọ́ rí. Ẹ bi wọ́n pé ó ti tó ọdún mélòó lórí igbá.

Bí bàtà bá dé, orí ẹní nínú ilé ni kí ẹ ti kọ́kọ́ fi rìn. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ṣì mọ́, ó rọrùn láti bẹ̀bẹ̀ fún pàṣípààrọ̀.