Fótò Mẹ́wàá, Ọ̀rọ̀ Díẹ̀: Bí O Ṣe Lè Fi Àwòrán Ròyìn Ìdána

Àbúrò mi ayàwòrán, sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ àárín àwa méjèèjì ni. Fótò rẹ dára. Ojú ìyàwó ń dán, gèlè dúró, aṣọ òkè hàn kedere. Àmọ́ nígbà tí o bá kó wọn sórí Instagram, ẹ̀rín ìyàwó ni èkíní, ẹ̀rín ìyàwó ni èkejì, òun náà ló tún wà ní ẹ̀kẹwàá. Ẹni tí kò dé ibi ìdána náà á wò ó tán, kò sì ní lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé o ya gbogbo rẹ̀. Ó wà nínú kámẹ́rà rẹ, o kàn kò tò ó ni.

Fótò tó lè wọ inú ọ̀wọ́ kan tí à ń fi ìka fà ti di ogún láti 2024. Mẹ́wàá ni tẹ́lẹ̀. Mẹ́wàá ṣì ni kí o dì mú. Bí àyè bá ti gbòòrò, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àǹtí yìí àti ẹ̀gbọ́n tọ̀hún kún un, ibẹ̀ sì ni ìtàn ti ń tú. Inú álúbọ́ọ̀mù ni kí àwọn ẹbí ti wá ara wọn. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní gbọ̀ngàn náà ni o ń ròyìn fún lórí fóònù.

Jẹ́ ká mú ìdána kan, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní gbọ̀ngàn n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, ká tò ó pọ̀.

Má fi ojú ìyàwó ṣáájú. Fi ìyàwó tí ìborùn ṣì bo ojú rẹ̀ ṣáájú, níbi tó ti ń wọlé láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á fẹ́ mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ náà, ìyẹn ni yóò mú un fa fótò kejì. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni kí o kọ sí i: «Ó dé.» Má kọ orúkọ, má kọ déètì, má kọ orúkọ gbọ̀ngàn. Gbogbo ìyẹn lè wà nísàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé fótò.

Èkejì gbọ́dọ̀ lè dá dúró. Ìdí ni pé bí ẹnìkan bá rékọjá ọ̀wọ́ rẹ láìfà á, Instagram sábà máa ń tún gbé e wá síwájú rẹ̀ lẹ́yìn náà, èkejì ló sì máa ń fi hàn án. Nítorí náà ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ni kí o fi síbẹ̀. Má dúró yà á. Lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú wọn, kí kámẹ́rà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí a rí àyà tó kan kápẹ́ẹ̀tì, kí a rí ẹni kan lẹ́yìn tó gbé orí sókè láti wò bóyá alága ti ní kí wọ́n dìde. Kí lo máa kọ? Tó o bá kọ «Wọ́n dọ̀bálẹ̀,» o kò sọ nǹkan kan, ojú ti rí i. Kọ «Ó ku méjì.» Gbogbo ẹni tó ti rí alága ìjókòó rí ló mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í tó o, kámẹ́rà ò sì lè fi èyí tó ń bọ̀ hàn.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ nípa ọ̀rọ̀ kékeré yìí nìyẹn. Fi ọwọ́ bo fótò, ka ọ̀rọ̀ náà; tó bá jẹ́ ohun tó wà nínú fótò ló ń tún sọ, pa á rẹ́. Ohun tí fótò kò lè gbé, bí ohùn, bí òórùn, bí ohun tó ṣáájú tàbí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ni kí ọ̀rọ̀ gbé. Kó má sì ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn náà, yí i padà: bo ọ̀rọ̀, fa gbogbo fótò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ìtàn bá sọnù, fótò kan ló ń dín, wá a lọ. Ọ̀rọ̀ gígùn kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ka lẹ́tà ìtọrọ ni ẹ̀kẹta. Àbúrò ìyàwó ni wọ́n sábà máa ń fún kà. Máa wo ọwọ́ rẹ̀, má wo ojú nìkan, nítorí etí ìwé tí ìka ọmọ náà ti fún mọ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ ju ẹ̀rín lọ. «Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.» Ó tó.

Ẹ̀kẹrin, ẹrù ìyàwó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti máa ń gun àga láti ya gbogbo rẹ̀ pọ̀ látòkè, tó wá dà bí ọjà. Ya èyí tó gbòòrò fún álúbọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n fún ọ̀wọ́ yìí, wá àǹtí àgbà tó ń fi ìka ka iṣu. Ní ọ̀pọ̀ ẹbí, méjìlélógójì ni wọ́n ń béèrè, ẹnìkan á sì rí i dájú pé ó pé. Jẹ́ kí ìka rẹ̀ wà lórí iṣu, kí ike oyin àti àpò iyọ̀ hàn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí obì, orógbó àti ataare wà nínú àwo wọn lẹ́yìn. «Ó pé.» Ọ̀rọ̀ méjì yìí ló sọ fún wa pé ẹnìkan ń ṣọ́ ẹrù náà.

Ẹ̀karùn-ún ni ìyàwó lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀, tí ọwọ́ wọn wà lórí rẹ̀. Bí bàbá náà bá dákẹ́ láàárín àdúrà, kọ «Bàbá dákẹ́.» Bí kò bá dákẹ́, má purọ́ mọ́ ọn, ẹbí á mọ̀. Ẹ̀kẹfà ni kí ojú ìyàwó tó hàn, níbi tí wọ́n ti ṣí ìborùn. Má kọ ohunkóhun sí èyí. A ti ń retí ojú yìí láti fótò kìíní, jẹ́ ká wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, sáré díẹ̀: ọwọ́ ìyàwó lórí Bíbélì tàbí Kùránì tó mú láàárín àwọn ẹ̀bùn, «Èyí ni.» Fìlà tó ń dé sórí ọkọ, ọ̀rọ̀ ò pọn dandan. Owó orí tí wọ́n dá padà nínú àpò ìwé rẹ̀, «Ọmọ la fún yín.» Tó o bá fẹ́ràn ẹ̀kẹwàá tó ń fi ijó parí, kò burú, ṣùgbọ́n èmi á kúkú mú ti alága méjèèjì, alága ìdúró àti alága ìjókòó, níbi tí wọ́n ti jókòó tira wọn tí wọ́n ń jẹun lẹ́yìn gbogbo àríyànjiyàn tí wọ́n ṣe. «Ìjà ti parí.»

Kíyè sí i pé fótò méjì àkọ́kọ́ ni mo gbé kúrò níbi tí àkókò wọn wà. Má gbé ju ìyẹn lọ. Ètò ìdána kì í bára mu délẹ̀ láti ẹbí dé ẹbí. Bí alága bá ṣe tò ó lọ́jọ́ náà ni kí o tò ó, torí àwọn ìyá máa ń rí i kíákíá tí fìlà bá ṣáájú ohun tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀.

Wàyí o, fótò mẹ́wàá yìí gbọ́dọ̀ jọ ọmọ ìyá kan. Má jẹ́ kí méjì tí a yà láti ibi kan náà tẹ̀lé ara wọn. Bí èyí bá jìnnà, kí ìyẹn sún mọ́ ọwọ́ tàbí ojú. Ìmọ́lẹ̀ náà ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn fẹ́ràn iná aláwọ̀ àlùkò, kánópì aláwọ̀ búlúù náà sì máa ń pa ojú ènìyàn dà. Ṣí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀ lójú kan náà, mú ojú ìyàwó nínú ẹ̀kẹfà ṣe ìwọ̀n, kí o wá tún àwọ̀ ara nínú àwọn tó kù ṣe títí wọ́n á fi bá a mu. Tó o bá ń tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó á pupa níbí, á dúdú lọ́hùn-ún.

Gé gbogbo wọn sí ìwọ̀n kan náà fúnra rẹ kí o tó gbé wọn sókè, 1080 × 1350, torí ìrísí fótò kìíní ló sábà máa ń pinnu bí àwọn yòókù ṣe máa hàn. Tó o bá fi fótò tó fẹ̀ sáàárín èyí tó ga, gèlè ni yóò kọ́kọ́ lọ. Láti ibi tí o ti ń yà á ni kí o ti fi àyè sílẹ̀ lókè gèlè, kó tó bí ìbú ọwọ́ ènìyàn. Má kọ ọ̀rọ̀ sórí aṣọ òkè, ìlà aṣọ á jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀; ilẹ̀ tàbí ògiri tó wà lẹ́yìn ni àyè rẹ̀. Kí o sì dán irú lẹ́tà tó o fẹ́ lò wò pẹ̀lú ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn lórí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rẹwà kò ní wọn, àpótí òfìfo ni wọ́n á fi sípò «ọ́», tàbí kí àmì náà fò lọ sórí lẹ́tà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa. Mo mọ̀ pé owó tí wọ́n ń ná sórí ìyàwó máa ń dùn ún yà. Yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀wọ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007, ní ẹsẹ̀ 21, ka fífọ́n náírà síni lára àti jíjó lórí rẹ̀ sí ìwà ọ̀daràn. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Ní 2024, ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀. Fótò tó o gbé síta pẹ̀lú orúkọ ẹni tó náwó lè di ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, oníbàárà rẹ sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá.

Kí o tó tẹ bọ́tìnnì, fi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ránṣẹ́ sí ìyàwó lórí WhatsApp bí o ṣe tò wọ́n, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú wọn. Béèrè tààrà lọ́wọ́ rẹ̀: «Ǹjẹ́ ẹnìkan wà níbí tí kò yẹ kó hàn?» Ó lè jẹ́ ọmọdé tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí fótò rẹ̀ jáde, ó lè jẹ́ ìbátan tó sọ níbi iṣẹ́ pé ara òun kò yá. Fún un ní ọjọ́ kan gbáko láti dáhùn, torí lẹ́yìn ìdána, oorun ló kọ́kọ́ ń sùn.