Yí Aṣọ Náà Padà, Wo Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ni mí nítòsí Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń múra ìgbéyàwó, mo sì fẹ́ fi ọwọ́ ṣe òdòdó sí etí àpò pílò funfun méjì fún un. Mi ò fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe mónógíráàmù. Sitẹ́ẹ̀mù sitíìṣì ni mo fi ṣe igi òdòdó náà, mo fi báàkì sitíìṣì ṣe etí ewé, mo sì fi Fíréǹsì nọ́ọ̀tì sí àárín òdòdó. Igi náà nípọn níbì kan, ó tín-ín-rín níbòmíràn. Báàkì mi, òmíràn gùn, òmíràn kúrú. Àwọn nọ́ọ̀tì ni ò tilẹ̀ jọra rárá: àwọn kan tóbi, àwọn kan rì sínú aṣọ, mi ò rí wọn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i. – Ọmọ Takie

Ọmọ mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Kó o tó tú ohun tí o ti rán, yí àpò pílò náà padà, kó o wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn igi òdòdó yẹn, báàkì sitíìṣì ló yẹ kó o rí, kó tò tẹ̀lé ara wọn láìsí àlàfo. Lẹ́yìn etí ewé, sitẹ́ẹ̀mù ló yẹ kó wà níbẹ̀. Rírán kan náà ni méjèèjì. Ojú tí a gbé sókè ló yàtọ̀. Bí o bá rí àlàfo lẹ́yìn igi náà, abẹ́rẹ́ rẹ kò jáde láti inú ihò tó yẹ nìyẹn, ohun kan náà ló sì ń ba báàkì rẹ jẹ́.

Nítorí náà, ihò ni ká kọ́kọ́ tò. Mú rúlà àti pẹ́ńsùlù tí ẹnu rẹ̀ mú, kó o fi àmì kéékèèké sórí ìlà tí o yà, kí mílímítà 2 wà láàárín àmì kan sí èkejì. Má lo báírò, omi á mú un ràn. Pépà kábọ̀n tí wọ́n fi ń kọ rìsíìtì náà kì í tètè fọ̀ kúrò lára aṣọ funfun. Àmì pẹ́ńsùlù tó fẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, òwú á bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyókù á bá ọṣẹ lọ.

Fún igi òdòdó, máa rán láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún. Gbé abẹ́rẹ́ jáde ní àmì 1, wọlé ní àmì 3, jáde ní àmì 2. Wọlé ní 4, jáde ní 3. Wọlé ní 5, jáde ní 4. Wò ó dáadáa: àmì 3 tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà jáde yẹn ni ibi tí sitíìṣì àkọ́kọ́ ti wọlé. Inú ihò yẹn gan-an ni kó o gbà, má gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sitíìṣì kọ̀ọ̀kan á gùn ní mílímítà 4, ìdajì rẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣáájú, nítorí náà òwú méjì ni yóò máa wà pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ igi náà. Ibi tí tìrẹ ti nípọn, o padà sẹ́yìn jù níbẹ̀, òwú mẹ́ta kóra jọ. Ibi tó ti tín-ín-rín, o kò padà tó, ẹyọ òwú kan ló dá wà.

Fún etí ewé, àmì kan náà ni, ètò ló yí padà. Jáde ní 2, wọlé ní 1. Jáde ní 3, wọlé ní 2. Jáde ní 4, wọlé ní 3. Níbi tí pẹ́ńsùlù kò bá ti ṣeé lò, fi báírò fa ìlà méjì sórí èékánná àtàǹpàkò tí o fi ń di aṣọ mú, kí ààyè àárín wọn jẹ́ mílímítà 2, kó o máa fi èékánná náà wọn ibi tí abẹ́rẹ́ yóò ti jáde.

Sitẹ́ẹ̀mù tún ní ohun kan tí báàkì kò ní. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń jáde, òwú tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìlà, ní ìhà ọ̀dọ̀ rẹ, ní gbogbo ìgbà. Bó bá bọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan péré, ìlọ́po rẹ̀ á já níbẹ̀, ojú á sì rí i. Ibi tí igi bá ti tẹ̀ ni èyí ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀, torí ọwọ́ á fẹ́ gbé òwú sí ìhà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Aṣọ ni kó o yí, jẹ́ kí òwú wà níbi tó wà. Ibẹ̀ náà sì ni kó o ti fún àmì mọ́ra sí mílímítà kan àti ààbọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sitíìṣì gígùn á sọ ibi tó tẹ̀ di igun.

Òwú náà ńkọ́? Ẹyọ mẹ́fà ló wà pa pọ̀ nínú òwú iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń tà ní dìdì. Gé e ní gígùn orí ìka sí ìgbọ̀nwọ́, fa ẹyọ kan yọ, lẹ́yìn náà èkejì, kó o wá pa méjèèjì pọ̀. Bí o bá ń rán an lọ, òwú á máa lọ́ mọ́ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa tín-ín-rín. Máa dá dúró, dojú aṣọ kọlẹ̀, jẹ́ kí abẹ́rẹ́ so rọ̀ kó yí ara rẹ̀ tú.

Nọ́ọ̀tì ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ òsì sì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Fi aṣọ sínú férémù kó le dáadáa, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè. Gbé abẹ́rẹ́ jáde. Fi ọwọ́ òsì di òwú mú níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 3 sí aṣọ, kó o wé e mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òwú ni kó o máa yí mọ́ abẹ́rẹ́, má fi abẹ́rẹ́ yí òwú ká. Wá ti ẹnu abẹ́rẹ́ bọnú aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti jáde. Kí fọ́nrán aṣọ kan tàbí méjì wà láàárín wọn, torí èyí tó bá padà sínú ihò kan náà kò ní ohun tí yóò gbé e dúró. Ó rì lọ nìyẹn. Kó o tó fa abẹ́rẹ́ kọjá, fi ọwọ́ òsì fa òwú títí ohun tí o wé yóò fi sọ̀ kalẹ̀ jókòó sórí aṣọ. Má fún un pa, abẹ́rẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ lè yọ̀ kọjá nínú rẹ̀. Má sì tú ọwọ́ òsì sílẹ̀ títí òwú yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán. Ẹni tó bá tètè tú u á rí nọ́ọ̀tì tó ní ìrù.

Kí wọ́n tó lè dọ́gba, abẹ́rẹ́ kan náà, iye òwú kan náà, iye wíwé kan náà ni kó o lò fún gbogbo àárín òdòdó. Wá abẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ara rẹ̀ lọ; ojú tó bá wú á máa fa òwú tí o wé gbòòrò. Bí o bá sì fẹ́ kí nọ́ọ̀tì tóbi sí i, má wé e lẹ́ẹ̀mẹrin, á dà wó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fi ẹyọ òwú kún un: ẹyọ mẹ́ta tí o wé lẹ́ẹ̀mejì á tóbi ju ẹyọ méjì lọ, á sì jókòó dáadáa. Rán bíi márùn-ún sórí àjákù aṣọ pílò kan náà kó o tó kan tòótọ́.

Sitẹ́ẹ̀mù àti báàkì tí o ti rán, o lè tú wọn, kó o tún wọn rán. Nọ́ọ̀tì tó bá ti fún kò ṣeé tú. Yí aṣọ padà, fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé e láti ẹ̀yìn, kó o sì so ìyókù òwú mọ́ ibẹ̀ kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má bàa tú. Bí o bá parí, fọ̀ ọ́, tẹ́ tówẹ́lì tó nípọn, dojú òdòdó dé e, kó o lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Áyọ́ọ̀nù tó bá gba ojú nọ́ọ̀tì kọjá á tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ, bó ti wù kí o ti rán wọn dọ́gba tó.