Orúkọ Tíṣà Yín Lórí Owó Ìrànwọ́ Ẹ̀kọ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tí ẹ jọ jáde ní iléèwé girama fẹ́ dá owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìrántí tíṣà ìṣirò yín tó dolóògbé. O ní orúkọ mẹ́ta lẹ ti kọ sílẹ̀, kí n bá yín mú ọ̀kan. N kò ní í tíì mú un, torí àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kó ṣáájú.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyàwó tíṣà yín àti àwọn ọmọ wọn. Ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹbí ló ni orúkọ òkú. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹ, àti ẹni tí wọ́n máa fi sínú ìgbìmọ̀ yín. Tí ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí tọ̀tún tòsì buwọ́ lù ú. O rántí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, nígbà tí Ààrẹ Jonathan kéde pé Yunifásítì Èkó ti di Yunifásítì Moshood Abíọ́lá. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò bá Abíọ́lá jà; ohun tó bí wọn nínú ni pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Wọ́n tú sí ìgboro, orúkọ tuntun náà kò sì múlẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ bọlá fún wá di ẹni tí wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo orúkọ tí ará ìlú fi mọ tíṣà yín. Ìbejì ni Ṣólàrìn tó dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, Táíwò sì ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n Tai ni gbogbo èèyàn mọ̀. Tai náà ló wà lára orúkọ yunifásítì tó wà ní Ìjagun, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú orúkọ mẹ́ta tí o kọ ránṣẹ́, ìnagijẹ tí ẹ ń pe tíṣà yín lẹ́yìn wọn ló wà nínú àkọ́kọ́. Ẹ̀yin lè máa fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ṣé àwọn ọmọ wọn fẹ́ gbọ́ ọ? Ìkejì kó gbogbo orúkọ wọn jọ tán, ó gùn ju ohun tí ọmọdé lè pè lọ. Ẹ lo orúkọ tí àwọn fúnra wọn fi ń buwọ́ lu ìwé èsì ìdánwò yín. Ẹ má fi “Olóògbé” kún un, “Ìrántí” ti sọ ọ́. Kí ẹ sì fẹnu kò sórí bí ẹ ó ṣe máa kọ ọ́ láì sí àmì ohùn, torí bẹ́ẹ̀ ni báńkì ṣe ń kọ orúkọ. Tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, wọ́n lè dá ṣẹ́ẹ̀kì yín padà.

Ìkẹta ló kọ mí lóminú jù: “Fáúńdéṣọ̀n”, tí ẹ tún fi “fún gbogbo ọmọ iléèwé” sí nídìí. Tí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ fáúńdéṣọ̀n lábẹ́ òfin, ẹ máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, ẹ máa yan àwọn alámòójútó, ẹ máa kéde nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹ ó sì fún ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó ní ọjọ́ 28. Owó ni gbogbo rẹ̀. Ẹ tún ṣírò èyí tó kù. Ká ní ẹ kó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà jọ, tí báńkì ń san náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún, 300,000 náírà ni èrè rẹ̀. Tí ẹ bá ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní 100,000, ọmọ mẹ́ta ni, kò sì ṣẹ́ kù kọ́bọ̀. Owó iléèwé á máa lọ sókè, mílíọ̀nù mẹ́ta yín á wà lójú kan, kò ní í pẹ́ tí 100,000 kò fi ní í ra nǹkan kan mọ́. Ẹ fún ọmọ méjì péré, kí ẹ dá èyí tó kù padà sórí ojúlówó owó náà. Ṣé ọmọ méjì wá ni “gbogbo ọmọ iléèwé”?

Nítorí náà, bí ẹbí bá gbà, ohun tí mo rò ni pé kí ẹ fi “Owó Ìrànwọ́ Ìṣirò” síwájú, kí orúkọ tíṣà tẹ̀ lé e. Á hàn sí gbogbo èèyàn pé ọmọ tó mọ ìṣirò tí kò lówó lẹ ń wá, iṣẹ́ tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yín, kí ẹ ṣí àkáǹtì rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹni mẹ́ta máa buwọ́ lù ú kí owó tó jáde.

Kí ẹ tún kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí owó bá tán, tàbí tí ẹ kò lè ṣe é mọ́, orúkọ náà padà sọ́dọ̀ ẹbí nìyẹn. Ẹ kò gbọdọ̀ fi tọrọ owó fún nǹkan mìíràn. Fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Mo ti ya 50,000 náírà sọ́tọ̀ fún yín, ọjọ́ tí àkáǹtì bá ti jáde ni màá san án.

Bá mi kí màmá rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ kékeré