Ìwé Ẹ̀rí Adójútòfò Ọkọ̀: Ojúlówó àti Ayédèrú

Ní àdúgbò Àkílà ní ìlú Sókótó, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù, ọ̀kadà àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n jọ ń pín ojú ọ̀nà kan náà. Ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ níbẹ̀ lè ṣèṣì pa ẹlòmíràn lára, tàbí kí ó ba dúkìá rẹ̀ jẹ́, láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìbéèrè tí òfin kọ́kọ́ bi í kì í ṣe bóyá ó jẹ́ ènìyàn rere. Ohun tí òfin ń bèèrè ni pé: ta ni yóò san owó ìtọ́jú ẹni tí ó fara pa?

Adójútòfò ẹni kẹta ni ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Ẹni kìn-ín-ní ni ẹni tí ó ni ọkọ̀ tí ó sì san owó. Ẹni kejì ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí ó gba owó náà. Ẹni kẹta ni ẹnikẹ́ni mìíràn tí ọkọ̀ náà bá ṣe ní jàǹbá: ẹlẹ́sẹ̀, ọlọ́kadà, ẹni tí a wó ògiri rẹ̀, tàbí ẹni tí a fọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe sọ adójútòfò yìí di dandan. Ọlọ́kọ̀ lè yàn láti má ṣe dáàbò bo ọkọ̀ ti ara rẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ láti yan ìyà fún ẹlòmíràn.

Òfin yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1945 ni a kọ́kọ́ ṣe òfin adójútòfò ẹni kẹta ní Nàìjíríà, ọdún 1950 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ikú àti ìfarapa ènìyàn ni òfin yẹn dojú kọ. Òfin adójútòfò ti ọdún 2003 fi ìbàjẹ́ dúkìá kún un, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá rú u lè san owó ìtanràn tí ó tó ₦250,000, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. Ní ọdún 2025, òfin titun gba ipò àwọn òfin àtijọ́ náà, ṣùgbọ́n ojúṣe yìí kò kúrò lọ́rùn ọlọ́kọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2025 kan náà ni àwọn ọlọ́pàá tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lò káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú òfin náà tí ó kan àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú gidigidi. Kì í ṣe ẹni tí ó di ìdarí ọkọ̀ mú nìkan ni ó ń bá wí. Ó tún ń bá ẹni tí ó mú kí a lo ọkọ̀ náà wí, àti ẹni tí ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní bọ́ọ̀sì, tí ó sì fi í rán àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí ìsìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà láìsí adójútòfò, awakọ̀ nìkan kọ́ ni yóò jẹ́jọ́.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ₦15,000 lọ́dún ni iye tí ó kéré jù lọ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni. Fún owó yìí, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lórí dúkìá ẹni kẹta tí ó bàjẹ́. Kí iye náà tó yí padà, ₦5,000 ni wọ́n ń san. Ní ibi àlàfo yìí ni àwọn alágbàtà ti rí ọjà tà. Wọn a dúró nítòsí ibi tí a ti ń ṣe ìwé ọkọ̀, wọn a sì ta ìwé ẹ̀rí tí ó ní òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà ní ẹ̀dínwó, láìfi náírà kan ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kankan.

Ẹ jẹ́ kí a mú un pé ọlọ́kọ̀ kan ní Àkílà ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ₦5,000. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó kọlu kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù kan ní oríta. Àtúnṣe kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ ₦600,000. Ẹsẹ̀ èrò kan ṣẹ́, ìtọ́jú rẹ̀ sì jẹ́ ₦900,000. Bí ìwé náà bá jẹ́ ojúlówó, ọlọ́kọ̀ yóò fi ọ̀rọ̀ náà tó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ létí, yóò mú ìwé ìròyìn ọlọ́pàá wá, ilé-iṣẹ́ náà yóò sì gba ẹrù náà. Ṣùgbọ́n òfin sọ pé níbi tí a kò bá ti san owó fún ilé-iṣẹ́, kò sí adójútòfò. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sára ayédèrú náà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ọlọ́kọ̀ tí ó rò pé òun fi ₦10,000 pamọ́ ti di ẹni tí ó jẹ gbèsè ₦1,500,000. Bí kò bá sì rí i san, èrò tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ni yóò máa fi ẹsẹ̀ kan rìn.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ẹni tí kò ní adójútòfò rú òfin kan. Ẹni tí ó fi ayédèrú han ọlọ́pàá lè rú méjì, nítorí pé lílo ayédèrú ìwé bí ojúlówó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìjìyà bí olùlò bá mọ̀ ọ́n, tàbí tí ó bá ní ìdí láti mọ̀. Iye tí ó rẹlẹ̀ ju èyí tí ìjọba là sílẹ̀ lè di ẹ̀rí pé ó ní ìdí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n tàn jẹ ní tòótọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn ayédèrú, ṣùgbọ́n kò bọ́ lọ́wọ́ gbèsè.

Òǹtẹ̀ àti àwọ̀ ìwé kò lè fi ojúlówó hàn, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè ṣe méjèèjì. Àkọsílẹ̀ ni ó ń fi í hàn. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní àkójọ kan tí a lè yẹ̀ wò lórí askniid.org, tàbí kí a tẹ *565*11# lórí fóònù. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ tàbí nọ́ńbà ìwé adójútòfò ni a ó fi wá a. Kí a wò ó bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́, irú ọkọ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí bá ti orí ìwé mu. Bí ọkọ̀ kò bá sí níbẹ̀, kí a pe ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà tí alágbàtà kọ sí ẹ̀yìn ìwé, nítorí pé àṣìṣe lè wà nínú bí wọ́n ṣe tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sínú àkójọ.

Kí a má sì retí ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Adójútòfò ẹni kẹta kì í tún ọkọ̀ ẹni tí ó rà á ṣe, kì í sì í san owó ọkọ̀ tí olè jí gbé. Bí ìbàjẹ́ dúkìá bá ju iye tí a là sílẹ̀ lọ, ọlọ́kọ̀ ni yóò san ìyókù.

Nítorí náà, kí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ tó gbéra, ó yẹ kí akọ̀wé tẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò, kí ó sì kọ ọjọ́ tí adójútòfò náà yóò parí sínú ìwé ẹgbẹ́. Bí ọjọ́ ìrìn-àjò àbọ̀ bá kọjá ọjọ́ yẹn, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọ̀tun.