Tàtàṣé Tó Hunjọ, Tó sì Lámì Lára

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí àwòrán mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ láti Bódìjà. O ní ẹni tó ń kó tàtàṣé wá fún ọ láti Kàdúná ń búra pé oòrùn ló jó o, àti pé ìyá tí ẹ jọ pààlà ìsọ̀ ní àrùn ni, kí o dá a padà kíá. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ lórí apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo, nítorí náà má tíì bá ẹnikẹ́ni jà.

Kọ́kọ́ ya híhunjọ sọ́tọ̀ kúrò lára àmì. Ata tó hunjọ yíká ara rẹ̀, tó ṣì pupa dáadáa, tí kò síbi tó funfun tàbí tó dúdú lára rẹ̀, omi ara rẹ̀ ló gbẹ. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti já ata kúrò lórí igi ni omi ti ń kúrò lára rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn fà mọ́. Ká wá gbé e sórí tíréélà, kí atẹ́gùn àti ooru máa fẹ́ sí i láti òkè Ọya títí dé Ìbàdàn, kò lè ṣe kó má hunjọ. Da apẹ̀rẹ̀ kan sórí àpò tó mọ́ kí o fi wò ó. Bó bá jẹ́ àwọn tó wà lókè àtàwọn tó fara ti ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ ló hunjọ, tí àwọn ti àárín ṣì le, ọ̀nà jíjìn ló ṣe é, kì í ṣe àrùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń wọ́n omi sí i kó lè dán. Má ṣe é. Díẹ̀ ló ń wọnú ata nínú omi yẹn; èyí tó kù á jókòó sí i lára, ọ̀rinrin yẹn gan-an sì ni àrùn ń wá.

Ó wá ku àmì. Kí o tó wo àwọ̀ rẹ̀, wo ibi tó wà. Ata kì í yí ara rẹ̀ padà lórí igi: ẹ̀gbẹ́ tó kọ sí oòrùn láàárọ̀ ni yóò kọ sí i títí wọn ó fi já a. Ìdí nìyẹn tí ata tí oòrùn jó fi máa ń ní ojú àpá kan ṣoṣo, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, lọ́pọ̀ ìgbà nítòsí orí, níbi tí igi rẹ̀ wà. Àpá náà máa ń fẹ̀, á funfun tàbí kó rí bí eérú, á gbẹ, á sì fẹ́lẹ́ bíi bébà bí o bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Oko tí ewé rẹ̀ ti re, bóyá kòkòrò ló jẹ ẹ́ tàbí àwọn tó ń já ata ló ṣẹ́ ẹ̀ka, ni ó ti ń wọ́pọ̀. Ata tí wọ́n já tán tí wọ́n sì kó jọ sí gbangba títí ọkọ̀ fi dé náà lè gbà á.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni pé ibi tí oòrùn bá ti pa kì í pẹ́ bu. Nǹkan dúdú bí èéfín ìdí ìkòkò á hù sí àárín àpá náà, ẹni tó bá sì rí i á ní àrùn ni. Èyí tó dúdú yẹn ló dé kẹ́yìn. Wo etí rẹ̀: bí o bá rí ibi gbígbẹ funfun tó yí i ká ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo náà, oòrùn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àrùn kò bìkítà nípa ẹ̀gbẹ́. Èyí tí mo bẹ̀rù jù lára ata pípọ́n ni èyí tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń pè ní antirakinọ́ọ̀sì. Àmì rẹ̀ máa ń rí róbótó, á jìn wọnú, á sì lè tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára ata kan, níwájú, lẹ́yìn, nídìí. Bó bá ti ń dàgbà, òrùka á máa yọ nínú òrùka. Nígbà tí ọ̀rinrin bá wà, wàá rí nǹkan tó ń yọ̀, tó pupa rẹ́súrẹ́sú bí awọ ọsàn tó pọ́n, tó sú jọ sórí àwọn òrùka yẹn. Irúgbìn àrùn nìyẹn. Òjò ló ń ta á láti ara ata kan sí òmíràn nínú oko. Ó lè wọ ata nígbà tó ṣì tutù, kó dákẹ́ síbẹ̀, kó má hàn rárá títí ata fi máa pọ́n. Nítorí náà, àgbẹ̀ tó ní ata tó mọ́ ni òun dì sínú apẹ̀rẹ̀ lè má purọ́.

Bó bá jẹ́ pé ìdí ata nìkan, ìyẹn òpin kejì sí igi rẹ̀, ló dúdú tàbí tó rà, ìyẹn kì í ṣe oòrùn, kì í sì í ṣe èyí tó ń ràn. Oko tí omi rẹ̀ ń wá ségesège ló ń fà á.

Ní ti àwòrán rẹ: ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú àpá funfun gbàǹgbà nítòsí orí, oòrùn ni. Ẹ̀kẹta kàn hunjọ ni. Ẹ̀kejì ni ọkàn mi kò balẹ̀ sí, nítorí mo rí ojú róbótó mẹ́ta lára rẹ̀, àwòrán kò sì lè fi ẹ̀yìn ata hàn mí. Mú bíi márùn-ún irú rẹ̀ àti márùn-ún irú ti àkọ́kọ́, fi omi tó mọ́ ṣan wọ́n, kí o kó wọn sínú abọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ní ìdérí. Fi aṣọ tútù sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan, má jẹ́ kó kan ata. Gbé wọn sínú yàrá, kì í ṣe inú fíríìjì, kì í ṣe oòrùn. Wò wọ́n lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Bí nǹkan tó ń yọ̀ tó pupa rẹ́súrẹ́sú bá sú sórí àwọn ojú róbótó, àrùn yẹn ni. Bó bá jẹ́ dúdú nìkan ló hù, kò tíì jẹ́rìí sí i.

Ṣùgbọ́n ata kò ní dúró dè ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èsì abọ́ yẹn wà fún ìwọ àti ẹni tó ń kó ọjà fún ọ. O gbọ́dọ̀ ṣa ata ìsọ̀ rẹ lónìí. Tà èyí tó kàn hunjọ ní owó pọ́ọ́kú fún olóńjẹ tó máa lọ̀ ọ́ lónìí, tàbí kí o là á kí o sá a. Èyí tí oòrùn jó tí kò tíì bu, gé ojú ibẹ̀ kúrò, kí o sì sọ fún oníbàárà ohun tó jẹ́. Èyí tó ní ojú róbótó tàbí tó ti bu, má fi sínú ẹ̀ṣà, má sì sá a fún ata gígún. Májèlé tí àwọn kan nínú nǹkan tó ń bu oúnjẹ ń fi sílẹ̀ kì í tán nípa sísá, iná ọbẹ̀ kì í sì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Fọ apẹ̀rẹ̀ tí o dà á kúrò nínú rẹ̀, kí o sá a gbẹ kí o tó tún lò ó.

Bí abọ́ bá fi hàn pé àrùn ni, sọ fún ẹni tó ń kó ọjà fún ọ láti Kàdúná pé kí àgbẹ̀ yẹn má fi èso ata wọ̀nyí ṣe irúgbìn, kó ṣa èyí tó rà kúrò nínú oko, kó má sì gbin ata, tòmátì tàbí ìgbá síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ oòrùn ni, kí wọ́n máa já a láàárọ̀, kí wọ́n sì bò ó títí ọkọ̀ á fi dé.

Má san owó apẹ̀rẹ̀ mìíràn fún ẹni tó ń kó ọjà wá kí o tó da ọ̀kan sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀, nítorí èyí tó dára jù ni wọ́n máa ń tò sókè. Kí o sì ya àwòrán abọ́ méjèèjì ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kẹta, kí ata hàn níwájú àti lẹ́yìn.

Èmi ni,
Arákùnrin ìyá rẹ