Láti Inú Kókó Kúkúrú sí Ìpínrọ̀: Bí Akọ̀wé Ṣe Ń Kọ Ìjábọ̀ Ìpàdé

Ní ọdún tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ akápò wa jẹ́. A fẹ́ rìnrìn-àjò láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ àti Èmùrè, kí a lè gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè Èkìtì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí wọ́n ṣì ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ṣèpàdé, èmi náà sì ń tẹ kókó ọ̀rọ̀ sórí fóònù mi, àmì róbótó níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, mo yọ àwọn àmì náà kúrò, mo so àwọn kókó pọ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó ń bójú tó wa gẹ́gẹ́ bí ìjábọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ pé: "Akápò san owó mọ́tò." Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí akápò mú rìsíìtì wá. Kò sí rìsíìtì kankan, nítorí pé kò tíì san kọ́bọ̀. Ohun tí ìpàdé sọ ni pé kí ó san án.

N kò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Mo rò pé yíyọ àmì kúrò ni ó ń sọ kókó di ìpínrọ̀ ni. Kókó kúkúrú máa ń fi nǹkan pamọ́: ẹni tó sọ̀rọ̀, bóyá àbá ni tàbí ìpinnu, ìgbà tí iṣẹ́ yóò wáyé, àti ìdí rẹ̀. Ẹni tó wà ní ìpàdé mọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka ìjábọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ akọ̀wé ni láti dá ohun tó fara pamọ́ yìí padà, láìfi tirẹ̀ kún un. Ẹ wo bí àkọsílẹ̀ mi ṣe rí lọ́jọ́ náà:

• Ìsẹ̀ àti Èmùrè. Ọjọ́ kan àbí méjì?
• Mọ́tò: èrò 18, ₦45,000. Àwa 31
• Igbákejì alága: wa oko
• ₦3,000 lórí. Àríyànjiyàn
• Akápò: san owó mọ́tò, ó pẹ́ tán Ọjọ́bọ̀
• Òjò
• Lẹ́tà sí ààfin Arínjalẹ̀: akọ̀wé
• Ọjọ́ kan. Gbogbo wa gbà

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kankan

Ọjọ́ ìpàdé gan-an ni kí ẹ padà sí àkọsílẹ̀ yín, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà létí. Ẹ kọ́kọ́ fi àmì ohùn sí ibi tí ẹ ti fi ìkánjú fò ó. "Wa oko" tí mo tẹ̀ yẹn lè jẹ́ kí igbákejì alága wá ọkọ̀, ó sì lè jẹ́ kí ó wa ọkọ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó kọ ọ́ pàápàá lè má rántí èyí tó jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ irú ọ̀rọ̀ tí kókó kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: àlàyé, àbá, ìpinnu, tàbí iṣẹ́ tí a yàn fún ẹnìkan. Nínú àkọsílẹ̀ mi, iye èrò àti iye owó mọ́tò jẹ́ àlàyé. ₦3,000 jẹ́ àbá, nítorí àríyànjiyàn ló gbẹ̀yìn rẹ̀. "Ọjọ́ kan. Gbogbo wa gbà" nìkan ni ìpinnu tó hàn gbangba. Bí ẹ kò bá lè sọ irú èyí tí kókó kan jẹ́, ẹ lọ bi alága kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ má fi àbá ṣe ìpinnu, nítorí owó àpò ọmọ ẹlòmíràn lè bá a lọ.

Nígbà náà ni kí ẹ wá to àwọn kókó jọ nípa ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá lé, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn lẹ́nu. Ní ìpàdé, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò bẹ̀rẹ̀ ní kókó kìíní, ó sì parí ní kókó ìkẹjọ. Nínú ìjábọ̀, ibì kan ló yẹ kí méjèèjì wà. Ọ̀rọ̀ kan, ìpínrọ̀ kan: ẹ sọ ohun tí a jíròrò, ẹ sọ àlàyé tó wáyé, kí ẹ wá fi ìpinnu tàbí iṣẹ́ tí a yàn kádìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀fìn tó jìn jù

Ibí yìí ni mo ti ṣubú. Nínú èdè Yorùbá, bí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ ohun tí ènìyàn ṣe bá tẹ̀lé olùwà láìsí nǹkan kan láàárín wọn, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni ẹni tó kà á yóò gbọ́. "Akápò: san owó mọ́tò" jẹ́ iṣẹ́ tí a yàn, nítorí àmì tó wà láàárín. Yọ àmì náà kúrò, ó di "Akápò san owó mọ́tò", iṣẹ́ sì ti parí lójú òǹkàwé.

Nítorí náà, ẹ wo gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe inú àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ sì bi í léèrè ipò tó wà. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ kọ "akápò ti san". Bí ó bá ṣèlérí rẹ̀, ẹ kọ "yóò san". Bí ìpàdé ló yàn án, ẹ kọ "ìgbìmọ̀ ní kí akápò san". Ọ̀rọ̀ bíńtín ni "ti", "yóò" àti "kí", ṣùgbọ́n àwọn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó jẹ gbèsè iṣẹ́ àti ẹni tó ti ṣe é tán. Bákan náà ni "Ọjọ́bọ̀": ìjábọ̀ lè dé ọwọ́ ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà ẹ kọ déètì rẹ̀ sí i.

Ẹ ṣọ́ "ó" àti "òun" pẹ̀lú. "Akápò sọ pé òun kò rí owó gbà" túmọ̀ sí pé akápò fúnra rẹ̀ ni kò rí i gbà. Bí ẹ bá kọ "akápò sọ pé kò rí owó gbà", òǹkàwé lè máa wá ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń so gbólóhùn pọ̀

Kókó kúkúrú kì í ní "nítorí", kì í ní "síbẹ̀". Ìpínrọ̀ kò lè ṣàn láìsí wọn, ibẹ̀ sì ni ìdẹwò wà. "Òjò" wà nínú àkọsílẹ̀ mi, "ọjọ́ kan" sì wà níbẹ̀. Mo so wọ́n pọ̀ báyìí: "Nítorí òjò, ìgbìmọ̀ pinnu pé kí ìrìn-àjò jẹ́ ọjọ́ kan." Gbólóhùn náà dùn ún kà, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ibùsùn ló mú wa yan ọjọ́ kan. Ẹnìkan mẹ́nu ba òjò kí a lè tètè gbéra láàárọ̀ ni. Gbogbo "nítorí" tí ẹ bá kọ jẹ́ ẹ̀rí tí ẹ ń jẹ́ lórúkọ ìpàdé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ìdí náà níbẹ̀, ẹ fi gbólóhùn méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ lo "bákan náà" tàbí "ìgbìmọ̀ tún", èyí tí kò fi ọ̀kan ṣe ìdí èkejì.

Bí ó ṣe yẹ kí n kọ ọ́

Nígbà tí mo tún ìjábọ̀ náà kọ, báyìí ló rí:

"Ìgbìmọ̀ jíròrò bóyá kí ìrìn-àjò sí Ìsẹ̀ àti Èmùrè gba ọjọ́ kan tàbí méjì. Alága ṣàlàyé pé ọjọ́ méjì yóò mú owó ibùsùn dání, èyí tí ẹgbẹ́ kò ní. Nítorí náà, gbogbo ìgbìmọ̀ fẹnu kò sí ọjọ́ kan. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan tún dábàá pé kí a tètè gbéra láàárọ̀ kí òjò má baà ká wa mọ́ ọ̀nà. A kò ṣe ìpinnu lórí àbá yìí.

"Akẹ́kọ̀ọ́ 31 ni yóò lọ. Níwọ̀n bí mọ́tò kan ti ń gba èrò 18 ní ₦45,000, mọ́tò méjì ni a nílò, owó wọn sì jẹ́ ₦90,000. Àbá kan wáyé pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan san ₦3,000, ṣùgbọ́n àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù, a kò sì tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yan igbákejì alága láti wá ọkọ̀, wọ́n sì ní kí akápò san owó rẹ̀, ó pẹ́ tán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, 2023. Akápò sọ pé òun kò lè san án àfi bí a bá kọ́kọ́ pinnu iye tí kálukú yóò dá.

"Ìgbìmọ̀ ní kí akọ̀wé kọ lẹ́tà sí ààfin Arínjalẹ̀ ti Ìsẹ̀ kí a tó lọ."

Ìpínrọ̀ kẹta yẹn fi ohun kan hàn mí. Ìlú méjì ni a ń lọ, lẹ́tà kan ṣoṣo ni a sì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ààfin Elémùrè. Kókó kúkúrú kò lè fi irú àlàfo báyìí hàn, ṣùgbọ́n odindi gbólóhùn máa ń tú u síta. N kò fi lẹ́tà kejì sínú ìjábọ̀, nítorí ìpàdé kò sọ ọ́. Alága ni mo pè, ó sì gbé e wá sí ìpàdé tó tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe gbogbo kókó ló yẹ kí ó di ìpínrọ̀ ṣá o. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ 31 àti nọ́ńbà fóònù wọn dára jù bí ẹ bá tò wọ́n sísàlẹ̀ ní ẹ̀yìn ìjábọ̀, kí ẹ sì tọ́ka sí i nínú ìpínrọ̀.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò

Ẹ gbé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ pamọ́. Ẹ fún ẹnìkan tí kò sí ní ìpàdé ní ìjábọ̀ yín, kí ó yọ kókó jáde nínú rẹ̀: kí ni a pinnu, ta ni yóò ṣe kí ni, ìgbà wo? Ẹ wá fi tirẹ̀ wé tiyín. Ohun tó bá wà nínú tirẹ̀ tí kò sí nínú tiyín, ẹ̀yin lẹ fi kún un. Èyí tó bá sọnù, ẹ̀yin lẹ gbàgbé rẹ̀. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ mi ìbá ti kọ "akápò ti sanwó" sílẹ̀, èmi náà ìbá sì ti rí àṣìṣe mi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ sọ kókó mẹ́ta yìí di ìpínrọ̀ kan, kí ẹ sì kọ ìbéèrè tí ẹ ní láti bi alága kí ẹ tó lè parí rẹ̀ sísàlẹ̀.

• Ẹ̀rọ ìgbohùn: 2. Ọ̀kan bàjẹ́
• Akápò: ra bátìrì
• Fóònù. Àwọn kan kọ̀